Oníbàárà kan, àròyé kan, ibi méjì: ẹni tó kọ sí DM tó tún kọ sí ìméèlì

Aláṣọ_Kábà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ híhun àti àdìrẹ là ń tà ní Kábà níbí, àwọn tó ń rà á jù lọ sì wà ní Lọ́kọ́jà, Àbújá àti Èkó. DM Instagram ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wá, àwọn yòókù ń kọ ìméèlì. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló ń dáhùn DM lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mò ń dáhùn ìméèlì lórí fóònù tèmi.

Ibi tó ti ń dojú rú nìyí. Oníbàárà á kọ sí DM lọ́jọ́ Sátidé pé aró aṣọ jáde, ó sì ti ba aṣọ funfun òun jẹ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á ní kó fọkàn balẹ̀, a ó fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹni yẹn kan náà á kọ ìméèlì pé owó òun, ₦46,000, lòun fẹ́. Orúkọ tó wà lórí ìméèlì kì í jọ ti Instagram rárá, nítorí náà n kò ní mọ̀ pé àròyé kan náà ni, màá dá owó padà. Aṣọ tuntun á sì ti wọ mọ́tò ní gáréèjì.

Báwo lẹ ṣe ń so méjèèjì pọ̀? N kò fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà olówó gọbọi fún ṣọ́ọ̀bù ènìyàn méjì.

Bàbá_Mọ́pà

Ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn kan pa. Kọ ọ́ sí ojú ìwé Instagram yín gbangba pé ìméèlì nìkan lẹ ti ń gba àròyé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹjọ́ wá sí DM, kí ọmọ yẹn fi àdírẹ́sì ìméèlì ránṣẹ́ sí i, kó má sọ ohunkóhun mọ́. Ìméèlì ní ọjọ́, ó ní àkókò, ó ṣeé tọ́ka sí níwájú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ DM, ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà ni.

Adé_Ìjùmú

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Òótọ́ ni pé ìméèlì ṣeé tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ìlànà tí ẹ sọ yẹn gan-an ló máa ń bí àròyé kejì. Ẹni tí inú ń bí ti ya àwòrán, ó ti kọ àlàyé, ẹ wá ní kó lọ tún un kọ níbòmíràn. Á kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìbínú ni, á sì béèrè ohun tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni pípààrọ̀ tí a ṣèlérí ní Sátidé á ṣe di owó lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn mìíràn ò sì rántí ọ̀rọ̀ aṣínà ìméèlì wọn mọ́, wọ́n á kàn gba abẹ́ àwòrán ọjà yín lọ láti lọ pariwo.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí. Ìwé àkọsílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ aṣọ ₦46,000 yìí, bó ṣe yẹ kó lọ nìyí.

Ní Sátidé, DM wọlé. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ò gbọdọ̀ ṣèlérí ohunkóhun nínú èsì àkọ́kọ́. Ohun mẹ́ta ni èsì yẹn ń ṣe: ó jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé a ti rí i, ó béèrè ohun kan ṣoṣo, ó sì dá àkókò. Bí àpẹẹrẹ:

"Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ká mọ̀, ẹ má bínú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà fóònù wo la kọ sára ẹrù náà? Ẹ ó gbọ́ èsì wa kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní tó lù."

Ìdí tí mo fi ní nọ́ńbà ara ẹrù ni pé orúkọ Instagram lè jẹ́ ohunkóhun, ìméèlì lè jẹ́ ti ọkọ tàbí ti ọ́fíìsì, àkáǹtì tó sanwó lè jẹ́ ti àbúrò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí dírẹ́bà máa pè ní gáréèjì kò lè jẹ́ irọ́, torí ẹni náà fẹ́ gba ẹrù rẹ̀. Òun nìkan ló dúró sójú kan.

Tí nọ́ńbà bá ti dé, ọmọ ṣọ́ọ̀bù á wá a nínú ìwé. Tí kò bá sí níbẹ̀, á kọ ìlà tuntun: nọ́ńbà àròyé, nọ́ńbà fóònù, ibi tó gbà wọlé, ohun tó bàjẹ́, ohun tí oníbàárà béèrè, ohun tí a ṣèlérí, ẹni tó ń bójú tó o. Ọ̀wọ́ méje ti tó. Tí ẹ bá fi kún un, wọn ò ní máa kún un mọ́ tí ọwọ́ bá dí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìméèlì wọlé. Ẹ̀yin náà á béèrè nọ́ńbà kan náà, ẹ ó wá a, ẹ ó rí i pé ìlà kan ti wà, pé ọmọ ṣọ́ọ̀bù ti ṣèlérí pípààrọ̀. Ẹ ò ní ya ìlà tuntun. Ẹ ó kọ ọ́ sínú ìlà yẹn pé ó ti kọ ìméèlì, pé owó ló ń béèrè báyìí, ẹ ó pe ọmọ ṣọ́ọ̀bù kí ẹrù má tíì kúrò nílẹ̀. Ẹ ó wá dáhùn ìméèlì náà pé: "A ti ń bá yín bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Instagram láti àná. A gbọ́ pé owó lẹ fẹ́ báyìí dípò aṣọ. Èwo nínú méjèèjì ni ká ṣe?" Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Oníbàárà ló máa fẹnu ara rẹ̀ mú ọ̀kan, ẹ ó sì ní in lákọsílẹ̀.

Oníyin_Ìsánlú

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní irú ìṣòro yìí. Oyin ni mò ń tà, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún. Wọ́n á ní ó jò lójú ọ̀nà, dírẹ́bà á ní kò jò lọ́wọ́ òun. Ta ló yẹ kó san án?

Adé_Ìjùmú

Àbúrò, ti ẹni tó máa san án yàtọ̀ sí ohun tí Màmá Aláṣọ béèrè, yóò dára kí ẹ ṣí i sí ibòmíràn kí àwọn ará gáréèjì lè dá sí i. Ohun tó kan ibí nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ béèrè àwòrán ìdérí kẹ́ẹ̀gì àti ìsàlẹ̀ páálí nígbà tí àròyé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Tó bá jẹ́ ìdérí ló tutù, kò dè dáadáa láti ilé. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló là, wọ́n gbé ẹrù lé e lórí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n á ti nù ún, ẹ ò ní mọ ọ̀kan nínú méjèèjì mọ́.

Akọ̀wé_Ògìdì

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Adé nípa nọ́ńbà fóònù, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó máa já wọn kulẹ̀. Ẹnì kan náà á kọ 0803 ní DM, á kọ +234 803 nínú ìméèlì, á fi àlàfo sáàárín. Tí ẹ bá ń wá ọ̀kan, ẹ ò ní rí èkejì, ẹ ó sì rò pé ẹni tuntun ni. Tí ẹ bá fi Google Sheets ṣe ìwé náà, ó tún máa ń jẹ òǹkà òdo tó ṣáájú tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà sí i lásán.

Òǹkà mẹ́wàá ìkẹyìn nínú nọ́ńbà fóònù ni kí ẹ máa fi wé ara wọn, torí ìyẹn kì í yí padà bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́. Tí nọ́ńbà fóònù bá wà ní ọ̀wọ́ B, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀wọ́ náà di Plain text ní Format, Number, kí +234 tó ní àlàfo má baà di àṣìṣe. Ẹ wá fi èyí sí ọ̀wọ́ H, kí ẹ fà á wá sílẹ̀:

```
=RIGHT(SUBSTITUTE(B2," ",""),10)
```

Lẹ́yìn náà, ẹ sàmì láti A2 títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀wọ́ H, ẹ lọ sí Format, Conditional formatting, Custom formula is, kí ẹ fi èyí sí i:

```
=AND($H2<>"",COUNTIF($H:$H,$H2)>1)
```

Ẹ mú àwọ̀ pupa fún un. Nígbà tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá tẹ nọ́ńbà tó ti wà níbẹ̀, ìlà méjèèjì á pọ́n lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá gbàgbé láti wá a kọ́kọ́. Apá àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ wà kí àwọn ìlà òfìfo má baà pọ́n. Tí ẹni náà bá fi àmì ìfàlà sáàárín nọ́ńbà, ẹ pa á rẹ́ nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́.

Ìlà pupa kò sọ pé àròyé kan náà ni o. Oníbàárà tó ti ra ọjà lẹ́ẹ̀mejì lè ní àròyé méjì. Ó kàn ń sọ pé kí ẹ dúró wò ó kí ẹ tó ṣèlérí.

Bàbá_Mọ́pà

Ẹ jẹ́ ká fi Sheets sílẹ̀ ná. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ní Kábà, níbo ni wọ́n ti máa rí i? Ìwé ẹ̀kọ́ olójú ewé ọgọ́ta, ọ̀kan ṣoṣo, lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà àròyé sórí àkòrí ìméèlì kí gbogbo rẹ̀ lè wà pa pọ̀.

Akọ̀wé_Ògìdì

Bàbá, ìwé ẹ̀kọ́ dára tí àwọn méjèèjì bá ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Màmá ń dáhùn ìméèlì, ilé ni wọ́n wà, ìwé wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òótọ́ lẹ sọ. Sheets ṣeé kọ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ bá ti tan "Available offline" sí i, á sì dàpọ̀ nígbà tó bá padà dé. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni méjì lè fún àròyé méjì ní nọ́ńbà kan náà láìmọ̀. Nítorí náà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀: ti Màmá á jẹ́ M017, M018, ti ọmọ ṣọ́ọ̀bù á jẹ́ S031, S032. Wọn ò lè forí gbárí láé.

Ọ̀rọ̀ àkòrí ìméèlì ni n kò fara mọ́. Tí ẹ bá yí àkòrí padà nígbà tí ẹ ń fèsì nínú Gmail, ó máa ń ya ìjíròrò náà sọ́tọ̀, á di méjì. Ẹ ó wá ní ìtàn ìdajì níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún. Ẹ fi àkòrí oníbàárà sílẹ̀ bó ṣe kọ ọ́, kí ẹ fi nọ́ńbà náà sí ìlà àkọ́kọ́ inú èsì: "Nọ́ńbà àròyé yín: S031." Tí ẹ bá wá S031 nínú Gmail, á jáde. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn kan náà sí DM pẹ̀lú.

Bàbá_Mọ́pà

Mo gbọ́ ti àkòrí yẹn. N kò mọ̀ pé ó ń pín in. Ti ìwé ẹ̀kọ́, mo ṣì dúró lórí tèmi fún ẹni tó bá ń dá ta ọjà.

Ọmọ_Bùnú

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àròyé tó ti wọlé tí ẹ ti rí. Èyí tí ẹ ò rí ńkọ́? Lórí Instagram, ẹni tí ẹ ò bá tẹ̀ lé kì í wọ inú lẹ́tà yín gangan, "Requests" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń lọ. Abẹ́ rẹ̀ tún ni "Hidden requests" wà, níbi tí Instagram ń kó ọ̀rọ̀ tó bá ní èébú nínú sí. Ẹ rò ó wò: oníbàárà tí inú ń bí jù lọ ló máa bú yín, òun gan-an ni ẹ ò ní rí. Á dúró títí, á gba ìméèlì lọ, á sì sọ pé ẹ ti rí i ẹ ò dáhùn. Kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣí méjèèjì láàárọ̀ àti kó tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣí Spam nínú Gmail, torí lẹ́yìn 30 ọjọ́ ó máa ń pa á rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni àwòrán. Oníbàárà lè ya aṣọ tó bàjẹ́ láti inú DM gangan kó sì ránṣẹ́ bí àwòrán tí a ń wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ṣí i, ó ti lọ. Ó sì lè fa ọ̀rọ̀ tó ti kọ padà, á kúrò lójú fóònù tiyín náà. Kí ẹ tó ṣí ohunkóhun tó dà bí àwòrán ojú ẹsẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó fi kámẹ́rà fóònù rẹ̀ tún un yà, kó fi ránṣẹ́ láti inú gálárì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá mẹ́nu ba owó tàbí ìlérí, ẹ ya ojú fóònù yín lójú ẹsẹ̀, kí orúkọ Instagram rẹ̀ hàn lókè, torí ó lè yí orúkọ náà padà lọ́la.

Fún ọ̀rọ̀ aró, ibi kan nìyí tí ìméèlì ti dára ju DM lọ. Instagram máa ń fún àwòrán pọ̀, àwọ̀ á yí díẹ̀. Ẹ ní kó gbé aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé funfun, níta, lábẹ́ òjìji, kó má jẹ́ lábẹ́ gílóòbù, kó fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí ìméèlì: ọ̀kan ti àdìrẹ, ọ̀kan ti aṣọ funfun tí aró ta sí. Ìwé funfun yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá aró ló jáde tàbí fóònù ló yí àwọ̀ padà. Gmail ń gbé tó 25MB, àwòrán méjì kì í sábà kọjá ìyẹn. Ẹ má ní kó kọ àlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i o, àwòrán nìkan.

Aláṣọ_Kábà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣí "Hidden requests" báyìí, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan kù. Tí ẹni tó wà ní ìméèlì bá ní kí n dá owó padà sí àkáǹtì kan, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé òun ni ẹni tó ra ọjà? Nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fi sílẹ̀ kì í jẹ́ èyí tí wọ́n fi sanwó nígbà mìíràn.

Adé_Ìjùmú

Òfin tó rọrùn jù ni pé kí owó padà sí àkáǹtì tó ti wá. Ẹ má gba àkáǹtì tuntun nínú DM tàbí ìméèlì rárá. Àwọn oníjìbìtì máa ń ka àròyé tí ènìyàn kọ sábẹ́ àwòrán ọjà, wọ́n á ṣí Instagram tó jọ ti ẹni náà, wọ́n á wọ DM yín wá béèrè owó. Ẹ béèrè "Session ID" tó wà lórí ìwé tiransífà rẹ̀, òǹkà 30 ló ní. Ẹni tó sanwó á rí i nínú áàpù báńkì rẹ̀. Ẹ fi wé àkọsílẹ̀ owó tó wọlé sọ́dọ̀ yín.

Ìyá_Oní_POS

Ẹ̀gbọ́n Adé, òfin yín kò bá ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà sanwó níbí mu. Ọ̀pọ̀ ló ń mú owó lọ sọ́dọ̀ oní POS, òun ló máa fi owó ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì tirẹ̀. Tí Màmá bá dá ₦46,000 padà síbi tó ti wá, oní POS ló gba á. Kódà bí oní POS náà bá jẹ́ ẹni rere, kò ní mọ ẹni tó ni ín nínú gbogbo àwọn tó ti wá lọ́jọ́ yẹn. Session ID yẹn náà, ìwé tí oní POS tẹ̀ fún un ló lè wà lórí, ó sì ti ju ìwé nù.

Adé_Ìjùmú

Òótọ́ pọ́nńbélé lẹ sọ. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe: tí orúkọ tó sanwó bá jẹ́ ti ẹni tó ra ọjà, kí owó padà síbẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ oní POS tàbí ti ẹlòmíràn, kí Màmá pe nọ́ńbà ara ẹrù fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tiyín lẹ ó pè, ẹ má pe èyí tí wọ́n kọ sínú ìméèlì. Kí ẹni tó bá gbé e dárúkọ ọjà tó rà àti ọjọ́ tó gbà á, lẹ́yìn náà ni á ka nọ́ńbà àkáǹtì fún yín lẹ́nu. Tí báńkì bá gbé orúkọ jáde tí kò bá ti ẹni náà mu, ẹ dúró.

Ìyá_Oní_POS

Ìyẹn sàn. Ṣùgbọ́n tí orúkọ kò bá bára mu torí pé àkáǹtì ọmọ rẹ̀ ló ń lò ńkọ́? Àwọn àgbàlagbà wa tí kò ní àkáǹtì pọ̀ ní abúlé.

Adé_Ìjùmú

Níbẹ̀, n kò ní ìdáhùn tó lè dé gbogbo ọ̀nà. Èmi yóò fi aṣọ pààrọ̀ dípò owó, torí ẹrù á lọ sí nọ́ńbà tó ti gba ẹrù rí.

Akọ̀wé_Ògìdì

Ẹ má fi pípààrọ̀ ṣe dandan fún un o. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà, FCCPA ti 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọjà tí kò bá bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ mu. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí Instagram pé aró yín kì í jáde, tó wá jáde, tó sì ní owó lòun fẹ́, owó ni. Ẹ kàn fara balẹ̀ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ fún.

Aláṣọ_Kábà

Ó yé mi. A ó lo Sheets, M àti S fún nọ́ńbà, màá sì máa pe nọ́ńbà ara ẹrù kí n tó fi owó ránṣẹ́. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ báyìí ni ibi tí a ó ti parí ọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ti wà níbi méjèèjì.

Adé_Ìjùmú

Ibi tí oníbàárà ti kọ̀wé kẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ń wò.

Bàbá_Mọ́pà

Ìméèlì. Ìlérí owó kì í gbé inú DM níbi tí ènìyàn ti lè fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sí DM pé ẹ ti dáhùn níbẹ̀, ó tán.

Ọmọ_Bùnú

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ẹni kan ṣoṣo, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ wà lórí nọ́ńbà àròyé, ni kó kọ èsì ìkẹyìn síbi méjèèjì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tí ó dà kọ láìyí lẹ́tà kan padà. Tó bá jẹ́ S031, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló ni ín, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa tẹ owó. Ẹ fún un ní ọ̀nà láti wọ Gmail ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má lo ìméèlì tara yín fún un, torí ìwé báńkì yín wà níbẹ̀.

Aláṣọ_Kábà

A ò ní Gmail ṣọ́ọ̀bù, ti ara mi ni gbogbo wọn ń kọ sí. Màá ṣí ọ̀kan lọ́la. Ṣé àwọn tó ti mọ ti àtijọ́ máa rí wa?

Ọmọ_Bùnú

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú Gmail àtijọ́, ẹ lọ sí Settings, "Forwarding and POP/IMAP", kí ẹ fi àdírẹ́sì tuntun sí i. Á fi nọ́ńbà ìjẹ́rìí ránṣẹ́ sí ti tuntun, ẹ tẹ̀ ẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é, tàbí kí ẹ ṣí Gmail nínú búráúsà fóònù ní "Desktop site", torí kò sí nínú áàpù. Ẹ má sì jẹ́ kó máa darí gbogbo lẹ́tà lọ: ẹ lo Filter, kí èyí tó ní "àròyé", "aṣọ", "order" tàbí "refund" nínú nìkan máa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀bù á máa ka lẹ́tà báńkì yín.